Ìròyìn Iṣẹ́ Oníbàárà Tí Iye Inú Rẹ̀ Ṣe É Yẹ̀ Wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Títún ojú òpó ayélujára àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ni iṣẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ lórí ayélujára. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wọn ni mo tún ṣe. Ní oṣù tó ṣáájú, ènìyàn 2,400 ló ṣí fọ́ọ̀mù náà, 312 ló kọ ọ́ parí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé iṣẹ́ mi, 1,850 ló ṣí i, 407 sì kọ ọ́ parí. Mo fẹ́ kọ ìròyìn rẹ̀ síta kí àwọn oníbàárà tuntun lè rí ìṣòro tó wà nílẹ̀, ohun tí mo ṣe àti èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo bá kọ ló ń dà bí ìpolówó. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ kí ẹni tó bá kà á lè gbà á gbọ́? Ohun kan tún ń kọ mí lóminú: ilé-iṣẹ́ náà dá ìpolówó ńlá kan dúró ní àkókò tí mo parí iṣẹ́ yìí.

Ìdáhùn: Ohun tó ń mú kí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ìpolówó kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn inú rẹ̀ nìkan. Ìpolówó máa ń sọ èrè láì jẹ́ kí a rí ọ̀nà tí èrè náà gbà wá. Ìròyìn iṣẹ́ tó yanrantí ní tirẹ̀ máa ń sọ ohun tí wọ́n kà, ìgbà tí wọ́n kà á, àti nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà, kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro oníbàárà ni yóò ṣáájú nínú ohun tí ẹ máa tẹ̀ jáde, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ láti ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èrè, torí pé iye tó bá dúró lẹ́yìn àyẹ̀wò ni yóò sọ irú ìṣòro tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ yanjú. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, èyí tó kan ìpolówó tí wọ́n dá dúró, ló sì wúwo jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi.

Láti inú iye mẹ́rin tí ẹ ní lọ́wọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà sọ èrè yìí, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ẹ lè sọ pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fi 95 pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé wọ́n fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ lè sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ṣí fọ́ọ̀mù, 13 ló ń kọ ọ́ parí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti di 22. Ẹ sì tún lè fi 22 wé 13, kí ẹ sọ pé ìparí fọ́ọ̀mù fi 69 nínú ọgọ́rùn-ún sunwọ̀n sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a mú èyí tó tóbi jù, wọn a sì fi ṣe àkọlé. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí pé iye tó dá dúró báyìí kò sọ ibi tí a ti gbéra: iṣẹ́ tó gbé ènìyàn kan nínú ọgọ́rùn-ún dé méjì lè sọ pé òun ti sọ èrè di ìlọ́po méjì, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé ènìyàn kan ṣoṣo ló lé sí i.

Èyí tó yẹ kí ẹ mú ni èyí tó bá ohun tí ọwọ́ yín kàn mu. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pe àwọn ènìyàn wá sí ojú òpó náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ yín yí padà. Nítorí náà, iye àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù parí nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣí i ni òṣùwọ̀n yín, kí ẹ sì kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lè ṣe ìṣirò tó kù fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kojú ìpolówó náà. Àwọn tí ìpolówó bá darí wá sí ojú òpó kì í sábà rí bí àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Púpọ̀ nínú wọn kàn tẹ líǹkì láti wo ohun tó wà níbẹ̀, wọn a ṣí fọ́ọ̀mù, wọn a sì bá tiwọn lọ. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n sì pòórá ní oṣù kejì, iye ìparí yóò gòkè bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà. A jẹ́ pé apá kan nínú bí 13 ṣe di 22 lè má jẹ́ ti yín rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí apá náà ṣe tó kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde.

Ọ̀nà tí ẹ óò gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ ya àwọn tí ìpolówó mú wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù nínú oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ṣètò ìpolówó náà bá fi àmì `utm_source` sí ìdí líǹkì rẹ̀, àkọsílẹ̀ àbẹ̀wò ojú òpó yóò ti tò wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ojú ewé tí ìpolówó náà máa ń gbé wọn dé, kí ẹ ka àwọn tó ti ibẹ̀ dé inú fọ́ọ̀mù. Ká ní ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì rí i pé 800 nínú 2,400 náà ló ti ọ̀dọ̀ ìpolówó wá, tí 40 péré nínú wọn kọ fọ́ọ̀mù parí. Ó ku 1,600 tó wá fúnra wọn, 272 nínú wọn sì parí rẹ̀, ìyẹn 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù kejì kò ní ìpolówó nínú, nítorí náà 22 rẹ̀ kò yí padà. Èrè tó wá látọwọ́ yín ti kúrò ní 13 sí 22 báyìí, ó ti di 17 sí 22. Ẹni tó fẹ́ kọ 69 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ yóò wá rí i pé 29 ló yẹ òun.

Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti rí kí iye dín kù báyẹn, síbẹ̀ bí àyẹ̀wò yín bá jáde bẹ́ẹ̀, 17 sí 22 ni kí ẹ tẹ̀ jáde, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: pé ìpolówó kan parí láàárín oṣù méjèèjì, pé ẹ sì ti yọ àwọn tó bá a wá kúrò kí ẹ tó ṣe ìṣirò. Òǹkàwé tí ẹ ń wá ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ti san owó fún irú iṣẹ́ báyìí rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bèèrè bí iye yín ṣe tóbi tó, ohun tí yóò bèèrè ni, “Kí ló tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù yẹn?” Bí ó bá rí ìdáhùn ìbéèrè yìí kí ó tó bi yín, yóò fi ọkàn balẹ̀ ka ìyókù.

Ohun kejì tó lè da iye yín rú ni oríire lásán. Bí ohunkóhun kò bá tilẹ̀ yí padà lórí ojú òpó kan, iye oṣù kan kì í bá ti oṣù kejì dọ́gba gẹ́lẹ́. Láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí ẹ rí ju ohun tí oríire lè mú wá lọ, ìṣirò kékeré kan wà tí àwọn oníṣirò máa ń lò:

```
2 × √( p × (1 − p) × (1/n1 + 1/n2) )
```

`n1` àti `n2` ni iye àwọn tó ṣí fọ́ọ̀mù ní oṣù kọ̀ọ̀kan, `p` sì ni iye gbogbo ìparí tí a fi iye gbogbo ìṣísílẹ̀ pín. Nínú àpẹẹrẹ wa, 679 nínú 3,450 ni `p`, ìyẹn nǹkan bí 0.197, ìṣirò náà sì fún wa ní nǹkan bí 0.027, ìyẹn 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a ó fi kún àlékún tí a rí tàbí kí a yọ kúrò lára rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àlékún márùn-ún tí ẹ rí lè jẹ́ ohunkóhun láti nǹkan bí méjì sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó lè jẹ́ òfo. Ó dúró. Ẹ wá wò ó bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn 160 àti 185 péré lẹ ní, tí ìparí sì jẹ́ 17 àti 22 nínú ọgọ́rùn-ún bákan náà. Ìṣirò yẹn yóò fún yín ní nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ju àlékún márùn-ún náà lọ, ẹ kò sì ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohunkóhun ti yí padà rárá. Nírú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ dúró di ìgbà tí iye ènìyàn bá pọ̀ sí i, tàbí kí ẹ kọ ìròyìn náà láì gbé iye rẹ̀ sí orí àkọlé. Kò sí ìdí láti kọ ìṣirò yìí sínú ìròyìn. Ẹ̀yin ni ẹ nílò rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe fi ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ tó.

Ẹ tún wo àkókò. Bí oṣù àkọ́kọ́ bá bọ́ sí ìgbà ìsinmi, tí ìkejì sì bọ́ sí ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wá ẹ̀kọ́, ẹ wo oṣù méjì kan náà ní ọdún tó kọjá, kí ẹ mọ̀ bóyá irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ ti máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ díẹ̀ tí fọ́ọ̀mù àtijọ́ àti tuntun jọ wà lójú òpó kúrò nínú ìṣirò. Kí ẹ sì rí i dájú pé “ìparí” túmọ̀ sí ohun kan náà nínú oṣù méjèèjì. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ka ìparí nígbà tí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì tẹ́lẹ̀, tí fọ́ọ̀mù tuntun sì ń kà á nígbà tí ojú ewé ìdúpẹ́ bá ṣí. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, a kò lè fi ọ̀kan wọn wé èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ iye tó dúró, kíkọ ìṣòro oníbàárà yóò rọrùn fún yín, torí pé òṣùwọ̀n kan náà ni ẹ óò fi sọ ọ́. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí ìṣòro jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò, bíi “ojú òpó wọn ti di ti àtijọ́, kò sì bá ìgbà mu mọ́”, kí èrè wá jẹ́ iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọra wọn rí. Ojú òpó lè ti gbó kí ó ṣì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, bí ó ṣe mọ̀ pé ó ń bọ́, àti ìpinnu tó fẹ́ ṣe lórí rẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe lè kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ:

“Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà wọ ẹ̀kọ́ ilé-iṣẹ́ yìí. Ní oṣù tó ṣáájú iṣẹ́ wa, ènìyàn 1,600 ló ṣí i láìjẹ́ pé ìpolówó ló mú wọn wá, 272 nínú wọn ló sì kọ ọ́ parí, ìyẹn 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn alákòóso rò pé owó ẹ̀kọ́ ló ń lé ìyókù sá, wọ́n sì ti ń gbèrò láti dín in kù. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí a wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà.”

Gbólóhùn nípa owó ẹ̀kọ́ yẹn ló jẹ́ kí ìpínrọ̀ yìí lẹ́mìí. Ó fi hàn pé oníbàárà ní èrò kan nípa ìṣòro rẹ̀, pé èrò náà lè mú un ṣe ohun tí yóò ná an lówó, àti pé ìwádìí yín yóò jẹ́rìí sí i tàbí kí ó yẹ̀ ẹ́. Ẹ bi oníbàárà yín léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó fa ìṣòro náà kí ẹ tó dé. Ẹ ó rí i pé ìdáhùn máa ń wà, bí wọn kò bá tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́.

Apá tó kan bí ẹ ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Wọn a to ìpele iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: a pàdé, a ya àwòrán, a kọ ọ́, a dán an wò, a gbé e jáde. Kò sí oníṣẹ́ tí kò lè kọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni bí ẹ ṣe rí ohun tó fà á, ohun tí ẹ yàn láti ṣe, àti ohun tí ẹ rò láti ṣe tí ẹ sì fi sílẹ̀. Ẹ kò sọ fún mi ohun tí ẹ yí padà nínú fọ́ọ̀mù náà, nítorí náà màá fi ìṣòro kan tó wọ́pọ̀ gan-an ṣe àpẹẹrẹ:

“Àkọsílẹ̀ fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn tí kò parí fọ́ọ̀mù ló ti kọ ọ́ dé òpin, tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kí wọ́n tó lọ. Nítorí náà, kì í ṣe owó ni wọ́n rí tí wọ́n sá, kì í sì í ṣe gígùn fọ́ọ̀mù. A ní kí ènìyàn márùn-ún kọ ọ́ lójú wa lórí fóònù wọn. Mẹ́ta nínú wọn fi àlàfo sí àárín nọ́ńbà fóònù. Fọ́ọ̀mù náà kò gba nọ́ńbà tó ní àlàfo. Ó kọ ìdí rẹ̀ sí òkè pátápátá, níbi tí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè rí, ó sì pa páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti kọ rẹ́. Ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì náà nígbà mẹ́rin, ó ní, ‘Ó dà bíi pé kò ṣiṣẹ́,’ ó sì gbé fóònù sílẹ̀. A jẹ́ kí fọ́ọ̀mù máa gba nọ́ńbà bí ènìyàn bá ṣe kọ ọ́, kí ó fúnra rẹ̀ yọ àlàfo. A gbé ọ̀rọ̀ àṣìṣe wá sí abẹ́ àpótí tó kàn, a sì sún páásíwọ́ọ̀dù sí ẹ̀yìn ìforúkọsílẹ̀. A ti kọ́kọ́ fẹ́ dín iye àpótí kù, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀, torí pé àwọn olùkọ́ ń lo gbogbo ohun tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa kò sì tọ́ka sí i.”

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín lè tẹ̀ lé èyí, ó sì lè rí ìdí tí ẹ fi ṣe ohun tí ẹ ṣe. Ìpínrọ̀ náà tún ṣe ohun kan tó ju ìyẹn lọ: ó sọ ibi pàtó tí ìṣòro wà, ìyẹn àkókò tí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì. Bí àlàyé yín bá tọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìyípadà ti hàn. Nítorí náà, ẹ wá iye kan tó wà láàárín iṣẹ́ yín àti èrè ìkẹyìn. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, iye náà ni àwọn tí fọ́ọ̀mù dá padà nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ká ní ó jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, tó sì di ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ìpolówó tó parí lè yí iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ padà, ìgbà ọdún náà lè yí i padà, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó lè mú kí fọ́ọ̀mù gba nọ́ńbà tó ní àlàfo. Iye àárín yìí ló so ohun tí ẹ ṣe mọ́ ohun tí ẹ rí, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń fi í sínú ìròyìn iṣẹ́ ṣe kéré tó. Tí ẹ kò bá kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ sáfà oníbàárà. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù kọ ohun tí ènìyàn fi ránṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Fún iṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ kà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun, torí pé iye tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé wá rí lẹ́yìn tí ohun àtijọ́ bá ti lọ.

Ààlà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ohun mẹ́ta lẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà nínú àpẹẹrẹ yìí, nítorí náà ẹ kò lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn. Ẹ má kọ ọ́ pé sísún páásíwọ́ọ̀dù ló mú àlékún wá. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò sì lè ya ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ oníbàárà bá sì ṣe apá kan iṣẹ́ náà, bóyá àwọn ni wọ́n tún ímeèlì ìkíni káàbọ̀ kọ, ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Wọn yóò ka ìròyìn náà kí ó tó jáde, inú wọn kò sì ní dùn bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ yín.

Ìpínrọ̀ èrè yóò wá kúrú, torí pé iṣẹ́ tó le ti parí kí ẹ tó dé ibẹ̀:

“Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ènìyàn 1,850 ṣí fọ́ọ̀mù náà, 407 sì kọ ọ́ parí: 22 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá fi wé 17 ti tẹ́lẹ̀. Ìpolówó kan parí láàárín oṣù méjèèjì, a sì ti yọ àwọn tó bá a wá kúrò nínú iye oṣù àkọ́kọ́. Àwọn tí fọ́ọ̀mù ń dá padà nígbà àkọ́kọ́ dín kù láti mẹ́rin sí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ náà kò dín owó ẹ̀kọ́ kù.”

Ó ku iye kan tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá rọrùn sí i, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ múra tán náà lè kọ ọ́ parí, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n má sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rárá. Ẹ bèèrè iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú 272 ti tẹ́lẹ̀ àti nínú 407 ti ìsinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ 204 àti 293, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, láti 75 sí 72 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi ṣì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìlọsílẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kò lé rárá, a jẹ́ pé ìforúkọsílẹ̀ tó pọ̀ sí i kò tíì di èrè fún oníbàárà, ìròyìn náà kò sì tíì tó jáde.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà, ẹ má ṣe fi ìyìn kún un bí ẹ bá lè rí ẹ̀rí. “Wọ́n ṣe iṣẹ́ ribiribi” kò fi nǹkan kan kún ohun tí ẹ ti sọ. Ẹ bi ẹni tó ń dáhùn ímeèlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ṣe sọ ọ́. Bí ó bá ní òun kì í rí ẹni tó ń ráhùn pé fọ́ọ̀mù kò gbà mọ́, gbólóhùn yẹn nìkan tó.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní kíkọ, kí àṣẹ náà sì kan ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ àti iye inú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ wọn nìkan. Àwọn oníbàárà kan kò ní fẹ́ kí àwọn tó ń bá wọn díje mọ iye ènìyàn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi 17 àti 22 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan sílẹ̀, kí ẹ sọ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ní ju ènìyàn 1,000 lọ nínú, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ogún lẹ kà. Bí wọn kò bá fẹ́ kí orúkọ wọn hàn, ẹ yọ orúkọ, kí ẹ sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má yí iye tàbí irú òwò padà láti fi wọ́n pamọ́. Ohun tí ẹ bá ti yí padà kì í ṣe ìròyìn iṣẹ́ yẹn mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkọlé sí i láti inú èrè náà, bíi “Bí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ṣe kúrò ní 17 dé 22 nínú ọgọ́rùn-ún láì dín owó ẹ̀kọ́ kù”, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún tí ẹ ka àwọn iye náà sí ìsàlẹ̀. Oṣù kan kò tó láti mọ̀ bóyá èrè yóò dúró. Ẹ bá oníbàárà yín ṣe àdéhùn báyìí pé wọn yóò fún yín ní iye oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí ẹ fi ìlà kan kún ìròyìn náà nígbà tó bá dé, yálà 22 ṣì dúró tàbí ó ti wálẹ̀.